Ẹ Fún Kilorínì Láyè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ Lórí Omi Mímu Inú Ilé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ lè tètè sá jáde, mo ti rí yín.

Ìmọ̀ràn tó ń káàkiri Wásáàpù ni pé kí a da "ìdérí jíìkì kan" sómi, kó parí. Ìdérí ìgò wo? Sínú kẹ́ẹ̀gì ni, àbí sínú dúrọ́ọ̀mù? Àwọn ọ̀gá Wásáàpù kò sọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó fúnra wa. Kilorínì ni èròjà inú jíìkì tó ń pa kòkòrò. Omi tó mọ́ gaara ń fẹ́ mílígíráàmù 2 rẹ̀ sí lítà kan, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ń fẹ́ 50. Ẹ ka ara ìgò jíìkì yín. Bí ó bá jẹ́ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà kan rẹ̀ gbé nǹkan bí mílígíráàmù 35. Ẹ fi 35 pín 50, ẹ ó rí i pé ó kù díẹ̀ kó tó mílílítà kan ààbọ̀. Sírínjì kékeré láti ṣọ́ọ̀bù olóògùn yóò wọ̀n ọ́n fún yín. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Jíìkì tó ní lọ́fínńdà kò dára fún omi mímu. Omi tó bá rú, ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n yẹn di méjì.

Ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀? Ó dáa. Ìdajì iṣẹ́ péré nìyẹn. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ aago: ẹ mi kẹ́ẹ̀gì dáadáa, ẹ dé e, ẹ dúró fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó fi ife kàn án.

Kí ló dé tí a ó fi dúró? Kilorínì tó wọnú omi dà bí owó oṣù onígbèsè. Ẹrẹ̀, irin àti ìdọ̀tí ewé yóò kọ́kọ́ gba tiwọn. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń bá kòkòrò jà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó ṣẹ́kù tó ìdajì mílígíráàmù nínú lítà kan, ó kéré tán, lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú. Ẹ wá fi èyí tó ṣẹ́kù sọ ìṣẹ́jú di púpọ̀: 0.5 lọ́nà 30 jẹ́ 15. Iye yẹn ni agbára tí omi náà rí gbà. Kòkòrò onígbá-méjì kì í pẹ́ kú, ṣùgbọ́n Jíádíà, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, le pa gan-an. Nítorí tirẹ̀ ni kò fi yẹ ká dín àkókò náà kù.

Mo gbọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín pé ká kúkú da 15 sí i, ká dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ìṣirò rẹ dáa, ọ̀gá. Àwọn ọmọ yóò tọ́ ọ wò, wọn yóò tutọ́ rẹ̀ dànù, wọn yóò sì padà sídìí kànga.

Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì méjì tó wà lórí tábìlì yìí. Ìwọ̀n kan náà ni mo da sí àwọn méjèèjì kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Omi bòòhò wà nínú ọ̀kan. Omi kànga lẹ́yìn òjò wà nínú èkejì. Mo bu díẹ̀ nínú bòòhò, mo ju hóró oògùn àyẹ̀wò sí i: ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti kànga: kò yí àwọ̀ padà rárá. Gbèsè ti gba gbogbo rẹ̀. A ó tún ìwọ̀n kan dà sí i, a ó sì bẹ̀rẹ̀ aago láti òdo.

Ibí ni ìyá kan láti ọ̀nà Tákíè ti nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àmù mi kì í gbẹ. Bí ó bá ti lọ sí ìdajì, a ó tún pọn omi kún un. Láti ìgbà wo ni n ó ti máa ka 30 ìṣẹ́jú yẹn?"

Ẹ ṣeun, Mà. Ìbéèrè yín ti ba ètò mi jẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ká ní lítà 20 ló kù nínú àmù, tí kilorínì inú rẹ̀ jẹ́ 0.4. Ẹ da lítà 20 omi kànga lé e: ó ti di 0.2 lójú ẹsẹ̀, kí omi tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí gba gbèsè tirẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní ku nǹkan kan. Gbogbo àmù ti di omi kànga nìyẹn, bí ẹ tilẹ̀ tọ́jú ti àárọ̀. Amọ̀ àmù pàápàá ń jẹ kilorínì. Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì méjì, Mà. Kí wọ́n máa mu ọ̀kan, kí èkejì máa dúró. Èyí tó bá pé ìdajì wákàtí nìkan ni kó wọ àmù, lẹ́yìn tí ti àtẹ̀yìnwá bá tán.

Wọ́n ti ń fi aago hàn mí. Kíá: jíìkì tó wà nínú oòrùn ń pàdánù agbára, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn. Kilorínì kì í pa kòkòrò tó ń jẹ́ Kriptosporídíọ́ọ̀mù nínú ìdajì wákàtí. Omi tí ẹ bá fura pé ó wà nínú rẹ̀, ẹ sè é kó hó. Ẹ̀yin tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì sí fíríìjì ní kété tí ẹ bá dà á tán, ẹ jẹ́ kí àkókò rẹ̀ pé ná. Òtútù ń fa iṣẹ́ kilorínì sẹ́yìn.