Ìyàtọ̀ eré ló ń pani: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí wíwa ọkọ̀ ní mótówéè ilẹ̀ Bìrìtéènì

Ẹ kú ìjókòó o. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Bìrìtéènì ní òfin rẹpẹtẹ nípa ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mótówéè, mi ò sì ní kà á sí yín létí lónìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání, torí òun ni àwọn òfin yòókù rọ̀ mọ́. Eré sísá nìkan kọ́ ló ń fa ìjàǹbá lójú ọ̀nà yìí. Bí eré ọkọ̀ kan ṣe jìnnà sí ti èkejì ni. Eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré jẹ́ 70 máìlì ní wákàtí, ìyẹn ni pé ọkọ̀ ń lọ ní nǹkan bíi mítà 31 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń sá bákan náà, tí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ara wọn, ọ̀nà náà tura. Ẹni tó ń fà láàárín wọn, tàbí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú síbẹ̀, ló wà nínú ewu.

Ẹ jẹ́ ká mú wíwọlé ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀ka ọ̀nà kan ló máa ń gbé yín wọ mótówéè láti ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rọra lọ kó tó rí àyè. Rárá, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń kó eré jọ. Ẹ fojú inú wo tírélà méjì lórí lénì òsì, tí wọ́n ń sá 56 máìlì ní wákàtí, nítorí ẹ̀rọ tó wà nínú tírélà kì í jẹ́ kó sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè àárín wọn jẹ́ mítà 50. Bí ẹ bá fi eré 40 bọ́ sí àárín gbùngbùn àyè yẹn, tírélà ẹ̀yìn yóò máa fi mítà méje sún mọ́ yín ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, àyè ti tán. Àfi kó tẹ bíréèkì, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà yóò sì tẹ ti wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ tọ́tù dé 56 lórí ẹ̀ka ọ̀nà yẹn, àyè tí ẹ rí kò ní dín kù, ẹ óò kàn rọra bọ́ sínú rẹ̀ ni.

Àwọn tó ti wà lórí mótówéè ló ni ọ̀nà. Bí wọ́n bá sún sápá ọ̀tún fún yín, inú rere ni, kò sí nínú ẹ̀tọ́ yín. Nítorí náà, ẹ tètè máa wo dígí, ẹ tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, kí ẹ sì yíjú wo ẹ̀yìn èjìká ọ̀tún kí ẹ tó sún. Èjìká ọ̀tún ni mo wí o. Àwa tí a kọ́ ọkọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, òsì ni ọrùn wa máa ń fẹ́ yí sí. Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ dúró sí lénì òsì díẹ̀ kí ojú yín mọ eré ibẹ̀ ná, kí ẹ tó ronú pé ẹ fẹ́ ya ẹnikẹ́ni kọjá.

Lénì òsì náà ni ilé yín. Àwọn yòókù wà fún yíya ọkọ̀ kọjá, bí ẹ bá ti kọjá tán, ẹ padà sílé. Ẹni tó bá jókòó sí lénì àárín nígbà tí òsì ṣófo, ọlọ́pàá lè fún un ní owó ìtanràn 100 pọ́n-ùn àti ojú àmì mẹ́ta lórí láísẹ́ǹsì. Bákan náà ni ti ẹni tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ iwájú. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mẹ́rin nígbà òjò. Bí ọkọ̀ iwájú bá kọjá lábẹ́ afárá, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá náà títí ẹ̀yin náà yóò fi dé ibẹ̀.

Ìjáde kò le. Pátákó máa ń sọ fún yín láti máìlì kan sí i, lẹ́yìn náà ní ìdajì máìlì. Tó bá ku yáàdì 300, ẹ óò rí pátákó onílà mẹ́ta, onílà méjì yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà onílà kan. Ẹ má dín eré kù lórí mótówéè fúnra rẹ̀, ẹ̀ka ọ̀nà ìjáde ni ẹ ti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì wo aago eré níbẹ̀, torí lẹ́yìn eré 70, 50 máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn ń rìn. Bí ìjáde bá sì kọjá yín, ó ti kọjá nìyẹn. Ẹ máa lọ sí èyí tó kàn.

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́kàn jù ni ti ọkọ̀ tó kú. Ká sọ pé ẹ wà ní lénì àárín lálẹ́, ẹ wà pẹ̀lú ọmọ méjì, tọ́tù kò sì dáhùn mọ́. Eré tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ ni owó ọwọ́ yín, ẹ má ṣe fi bíréèkì ná an. Ẹ tan tíráfíkétọ̀ òsì, kí ẹ sì máa wá ọ̀nà lọ sápá òsì. Bí ẹ̀ka ìjáde bá wà nítòsí, ẹ gba ibẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ bọ́ sí etí títì tó wà lẹ́yìn ìlà funfun, tàbí sí ibi ìdúró pàjáwìrì tí wọ́n kun ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn. Kì í ṣe gbogbo mótówéè ló ní etí títì mọ́, nítorí wọ́n ti sọ òmíràn di lénì. Ẹ sún mọ́ òsì débi tó bá lè dé, kí ẹ yí táyà iwájú sí òsì, kí ẹ tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì pọ̀, kí iná kékeré ọkọ̀ náà sì wà ní títàn.

Ilẹ̀kùn òsì ni kí gbogbo yín gbà jáde, kí ẹ sì bọ́ sẹ́yìn irin ìdènà. Ẹ má dúró síwájú ọkọ̀, torí bí tírélà bá kọlù ú, iwájú ló máa ta sí. Ẹnì kan bi mí léèrè pé ṣé èèyàn ò lè jókòó sínú ọkọ̀ nígbà òtútù. Mo ní kó fi aṣọ bora, kó sì dúró sẹ́yìn irin. Ẹran ọ̀sìn ló ń dúró nínú ọkọ̀. Ẹ má gbé àmì onígun mẹ́ta sójú ọ̀nà, ẹ má sì gbìyànjú àtipààrọ̀ táyà.

Fóònù aláwọ̀ ọsàn wà létí ọ̀nà, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń fi ibi tí ẹ wà han àwọn tó bá gbé e. Ọfà ara òpó kéékèèké ló ń tọ́ka sí èyí tó sún mọ́ yín jù. Bí ẹ bá ń lo ti ọwọ́ yín, ẹ ka nọ́ńbà ara òpó náà fún wọn. Ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọjú sí nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀.

Bí ọkọ̀ bá wá kọ̀ pátápátá láàárín lénì ńkọ́? Ẹ tan tíráfíkétọ̀ méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ lénì òsì ni, tí ẹ sì rí i pé ẹ lè jáde láìséwu, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ òsì lọ sẹ́yìn irin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì lára, kí ẹ pe 999 lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà lè tan àmì X pupa sókè lénì yẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rí X yìí, tí ẹ sì ń wò ó pé lénì náà ṣófo, irú ọlọ́mọ méjì yìí lè wà níwájú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá tún jí, ẹ kó eré jọ lórí etí títì kí ẹ tó wọ inú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ibi ìdúró pàjáwìrì kúrú jù fún ìyẹn. Bí lénì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí etí títì, ẹ tún pe fóònù aláwọ̀ ọsàn yẹn, kí wọ́n bá yín dá ọkọ̀ dúró kúrò ní lénì náà kí ẹ tó jáde.