Oorun, oòrùn, òórùn: àmì ohùn ló gbé àkọtọ́ wa dúró

Mo kọ “dundu” sójú pátákó, mo ní kí ẹ kà á. Ẹ ní iṣu díndín. Mo fi n kan kún ìparí rẹ̀, ẹ ní ìlù. Ó dáa. Ẹ wá fọwọ́ lu tábìlì bí ẹ ṣe ń pè é: dù-ǹ-dú, ìgbà mẹ́ta, dùn-dún, ìgbà méjì péré. N tó wà láàárín iṣu dá dúró, ó ní ohùn tirẹ̀. Ti ìlù ò dá nǹkan kan ṣe. Ó kàn ń sọ pé kí ẹ gba imú pe fáwẹ̀lì ni. Kí ló wá ń fi ìyàtọ̀ wọn han òǹkàwé? Àmì orí ǹ yẹn ni. Ẹ ti mọ orin mi: ẹni tó bá yọ àmì ohùn kúrò, kì í ṣe ohùn nìkan ló yọ.

Ẹ wo fáwẹ̀lì méjì tó tẹ̀léra. Nínú Bíbélì àtijọ́, “ãnu” ni wọ́n ń kọ. Àmì orí a yẹn ní kí ẹ fà á, àmọ́ kò sọ ohùn tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. “Àánú” tí àkọtọ́ ọdún 1974 fún wa fi àga méjì sílẹ̀: ohùn ìsàlẹ̀ jókòó sórí ọ̀kan, ti òkè sórí ìkejì.

Àwọn kan á ní òǹkàwé á fi gbólóhùn mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ “Oorun yin ti poju” ránṣẹ́ sí àna yín. Bóyá oorun lẹ ní lọ́kàn, bóyá òórùn, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé.

Ibí ni ọmọ kan ti nawọ́: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, àmì wọ̀nyí ń ni wá lára lórí fóònù. Ṣé a ò lè fi lẹ́tà lásán kọ ohùn ni?”

Àwọn kan ń ṣe é. Ní Láósì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn míṣọ́nnárì ṣe àkọtọ́ kan fún èdè Mọ́ngì. Orúkọ èdè náà gan-an, “Hmoob” ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í pe b yẹn; ohùn òkè ni. Oo kì í sì í ṣe fífà, àránmúpè ni! Ó bá wọn mu, torí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò ju sílébù kan lọ, wọ́n sì ń fi àlàfo sáàárín sílébù. Tiwa ńkọ́? Ká ní b ni ohùn òkè, s ni ti ìsàlẹ̀: “àánú” á di “asabnub”. Ta ló fẹ́ ka ìyẹn nínú àdúrà?

Alága ti ń wo aago, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sáré ka èyí tó kù. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, ọn la sábà ń kọ: ìbọn, àgbọn. Níbòmíràn, an: ìtàn. Ìró kan náà ni lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa. Lẹ́yìn m àti n, a kì í kọ n mìíràn rárá: ọmọ, iná, torí imú ti wà nínú kọ́ńsónáǹtì náà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi “gbangba” bi mí léèrè, kó bá mi níta.