Ṣé Sà ni àbí Mà? Bá a ṣe ń kọ̀wé sẹ́ni tá ò mọ̀ rí, tí ò ní dà bíi lẹ́tà kóòtù

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀kun o! Láti Kàbbà dé Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, títí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá iṣẹ́ lọ sí Àbújá àti Èkó, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹ wo nọ́mbà tó wà lójú sikíríìnì yẹn. Pósítà sikọ́láṣíìpù ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ má pe nọ́mbà ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "fún fọ́ọ̀mù, ẹ kàn sí T. Bámidélé." Ó parí. Kò sí Ọ̀gbẹ́ni níbẹ̀, kò sí Ìyáàfin, kò sí Olóyè, T lásán. T yẹn lè jẹ́ Táyọ̀, ó lè jẹ́ Tósìn, ó lè jẹ́ Tèmítọ́pẹ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ọkùnrin ò jẹ́ tí obìnrin náà ò jẹ́. Ọmọdébìnrin kan ní Ìsánlú, ẹ jẹ́ ká pè é ní Fúnmi, fẹ́ kọ̀wé sí T yìí lórí Wọ́sáàpù. Báwo ló ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa kọ́kọ́ ṣe ni pé a máa lọ tẹ fọ́tò orí Wọ́sáàpù yẹn wò. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ọmọ ọwọ́ tó ń rẹ́rìn-ín ni ẹ máa bá níbẹ̀, tàbí pásítọ̀ ìjọ wọn, tàbí tọkọtaya tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí, tẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló ni fóònù. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó gbé pósítà yẹn sórí gúrúùpù léèrè pé "ẹ jọ̀ọ́, kí la ń pe ẹni tó ni nọ́mbà yìí?" Tó bá mọ̀ ọ́n, wàhálà ti tán, ẹ lè pa fídíò yìí kẹ́ ẹ lọ jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà míì ẹni yẹn náà ò mọ̀, òun náà fọ́wádì í ni.

Ó dáa. Ẹ wo ohun tí Fúnmi kọ́kọ́ kọ:

"Ẹ káàsán Sà/Mà. Mo rí nọ́mbà yín lórí pósítà. Jọ̀ọ́ fi fọ́ọ̀mù ráńṣẹ́ sí mi. Ṣé ọba ló gbọ́dọ̀ sáìnì ín àbí olórí àdúgbò? Máa retí èsì. Ẹ ṣé."

Kò sí èébú níbẹ̀, àbí? Ó tiẹ̀ kí wọn. Síbẹ̀ tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ gbà á, inú yín ò ní dùn sí i dénú, ẹ sì lè má mọ ohun tó fà á.

Àkọ́kọ́ ni Sà/Mà yẹn. Igi tó dá sáàárín méjèèjì yẹn, ńṣe ló ń pariwo fún ẹni tó ń kà á pé "mi ò mọ̀ yín o, ẹ mú èyí tó bá bá yín mu." Òótọ́ ni pé kò mọ̀ wọ́n, kò kúkú burú kéèyàn má mọ èèyàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ẹ sì rí i, Yorùbá ò nílò ẹ̀ rárá! "Ẹ" tá a fi ń kí àgbà ò bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kò sì bèèrè bóyá ẹnì kan ni tàbí èèyàn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń lo fóònù ẹgbẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ní kẹ́ ẹ yan Sà tàbí Mà, tẹ́ ẹ bá ti ń kọ Yorùbá, ẹ̀yin lẹ lọ fọwọ́ ara yín gbé wàhálà yẹn wọlé.

Ìkejì, èyí gan-an ló dùn mí jù, ni pé "ẹ" yẹn sọnù láàárín ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, "ẹ káàsán," "nọ́mbà yín," àfi bó ṣe di "jọ̀ọ́ fi fọ́ọ̀mù ráńṣẹ́." Jọ̀ọ́ fi kẹ̀? Àbúrò ẹ ni? Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé Fúnmi ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé o, ọwọ́ tó ń yára tẹ fóònù ni, torí nínú Gẹ̀ẹ́sì tó wà lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọdé àti àgbà. Tẹ́ ẹ bá kọ mẹ́séèjì tán, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ padà sórí gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ní kẹ́ni yẹn ṣe nǹkan, ẹ wò ó bóyá "ẹ" wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ bá mi wò ó. "Bá mi" yẹn náà ń ṣiṣẹ́ o, ó ń sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀.

Ìkẹta, Fúnmi ò sọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ ń kọ̀wé sí náà ò mọ̀ yín! Àjèjì méjì ni yín, ẹni tó sì ń tọrọ nǹkan ló yẹ kó kọ́kọ́ yọjú.

Ẹlòmíì á wá ní òun fẹ́ kó fa èèyàn mọ́ra, á kàn dá orúkọ oyè lé wọn lórí. "Ẹ káàsán Dádì." Tó bá jẹ́ obìnrin ńkọ́? "Olóyè wa." Tí wọn ò bá joyè ńkọ́, tí wọ́n tiẹ̀ ti dupò oyè tí wọ́n pàdánù ẹ̀? "Alàgbà" náà, ọkùnrin ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, inú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kan sì rèé, ipò gidi ni, wọn kì í pe gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n" dáa díẹ̀ torí ó gba ọkùnrin gba obìnrin, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ni òun ń dá lé wọn: ẹni tó ti tó bàbá yín lè wò ó pé ẹ fa òun wálẹ̀, ẹni tí ẹ sì jù lọ á máa rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mi" kò yan ọkùnrin kò yan obìnrin, ṣùgbọ́n ojú ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n máa ń fi wò ó, ó dà bíi pé ẹ fẹ́ yá nǹkan.

Kí ló wá kù? Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ló kù. Ẹ ò mọ ẹni tí T jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó ń ṣe, pósítà ti sọ ọ́: òun ló ń pín fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù. Ẹ fi ìyẹn kí i. Àwa tá a ní "ẹ kú iṣẹ́," "ẹ kú làálàá," "ẹ kú ìnáwó," tá a ní ìkíni fún ẹni tó ń dirun, ká wá sọ pé a ò rí bá a ṣe máa kí ẹni tá a mọ iṣẹ́ ẹ̀? Àmọ́ ẹ má fún wọn nípò tí pósítà ò fún wọn. Wọn ò kọ "akọ̀wé" síbẹ̀, ẹ má pè wọ́n ní akọ̀wé, ó lè jẹ́ akápò ni, ó sì lè jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn ní kó bá wọn gbà á.

Fúnmi tún un kọ báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá wa mójú tó ọ̀rọ̀ sikọ́láṣíìpù. Ọ̀kun o. Fúnmi lorúkọ mi, ọmọ Ìsánlú ni mí, mo ń kàwé ní pólì. Orí gúrúùpù ìdílé wa ni mo ti rí pósítà ẹgbẹ́ àti nọ́mbà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Mo tún fẹ́ bèèrè bóyá olórí àdúgbò lè sáìnì ibi tí wọ́n kọ ọba sí, torí kábíyèsí ò sí nílé lọ́wọ́ yìí. Ẹ ṣé gan-an, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa pè yín?"

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kò síbi tó ti yan ọkùnrin tàbí obìnrin. "Ọ̀kun o" yẹn, torí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ló ṣe wọlé, ẹni tó wà níbẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ ilé ló ń pe òun. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́ja lẹ ń kọ̀wé sí, ẹ fi í sílẹ̀, torí Ígálà ló lè wà lórí tábìlì yẹn, tàbí Ẹ̀bìrà, tàbí Núpé, ìkíni tó yẹ kó fa èèyàn mọ́ra á wá dà bíi pé ẹ ń wá ọmọ ìyá yín láàárín wọn. Lọ́dọ̀ wọn náà, Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, ẹ sì lè fi orúkọ iṣẹ́ yẹn sẹ́yìn Díà dípò Sà tàbí Mà. Tó bá jẹ́ ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì ni o, ẹ kọ Díà Sà tí tíṣà kọ́ yín, kẹ́ ẹ fi Yọ́ọ̀sì féèfúlì parí ẹ̀, máàkì lẹ ń wá níbẹ̀.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, "kí ni kí n máa pè yín," ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà. Tẹ́ ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ti fún wọn níṣẹ́ ṣe kẹ́ ẹ tó kí wọn tán. Ẹ má sì bèèrè pé "ṣé ọkùnrin ni yín àbí obìnrin," ìyẹn ti di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Tí èsì bá wá dé ńkọ́? Ìsàlẹ̀ èsì lẹ máa kọ́kọ́ wò, ibi tí wọ́n ti kọ orúkọ. Tí wọ́n bá kọ "Dókítà (Ìyáàfin) T. Bámidélé," Dókítà ni kẹ́ ẹ máa pè wọ́n látìgbà yẹn lọ, ẹ má fi Màmá rọ́pò ẹ̀. Tí wọ́n bá ní "ẹ máa pè mí ní Tósìn," ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéré ò lè pè é lórúkọ lásán, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣílẹ̀kùn báyìí, "Ẹ̀gbọ́n Tósìn" ti dáa, kódà tẹ́ ẹ ò bá tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni. Tí wọ́n bá kàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ tí wọn ò dáhùn ìbéèrè yẹn, ẹ má tún un bi wọ́n. Ẹ dúpẹ́, ẹ dúró sórí "ẹ."

Ó ku ìwé kan tí kò gba gbogbo èyí. Tí olùkọ́ tàbí pásítọ̀ bá ń kọ̀wé ẹ̀rí ìwà fún yín, tẹ́ ẹ máa gbé kiri lọ síbi mẹ́rin márùn-ún, kò sí ẹnì kan pàtó tó ń kà á, "Sí ẹnikẹ́ni tọ́rọ̀ yìí kàn" ni kí wọ́n kọ sókè ẹ̀, kò burú níbẹ̀ rárá. Ibi tó ti máa burú ni tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ sí T. Bámidélé, tó jẹ́ pé èèyàn kan pàtó ló di fóònù mú, tó ń wo orúkọ ara ẹ̀ lórí pósítà, tẹ́ ẹ wá ń pè é ní ẹnikẹ́ni.