Ríìngì inú bíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó: báwo ló ṣe yẹ kó súnmọ́ra tó?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Òṣogbo la wà lónìí, lójú ọ̀nà Ìkìrun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ṣọ́ọ̀bù ni yóò wà nísàlẹ̀, ayálégbé ni yóò máa gbé òkè. Wọ́n ti to irin bíìmù sórí pákó, ó ku kí wọ́n da kọnkéré. Áyánbẹ́ndà ti so ríìngì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí irin gbọọrọ ká, mọ́ irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlàfo kan náà ló sì fi sí gbogbo rẹ̀: 250 mìlímítà síra wọn. Tí ẹ bá wò ó láti òkèèrè, ó tò, ó wuyì. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó wà láàárín, àlàfo yẹn ti fẹ̀ jù. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣírò ìdí rẹ̀. Ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí: kí ni kọnkéré fúnra rẹ̀ lè gbé, kí ríìngì tó dá sí i rárá?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo ẹrù tó wà lórí bíìmù, òpó ló ń lọ bá. Bí ẹrù náà ṣe ń súnmọ́ òpó ló ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ojú òpó gan-an ni agbára tó fẹ́ gé bíìmù ti máa ń pọ̀ jù. Agbára yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní ṣíà. Láàárín méjì òpó, títẹ̀ ni bíìmù ń tẹ̀, nítorí náà ìlà tó bá sán níbẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìlà ti ṣíà kì í dúró ṣánṣán. Ó máa ń dágẹ̀rẹ̀: yóò bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ nítòsí òpó, yóò sì máa gòkè lọ sí ọ̀nà àárín bíìmù. Ríìngì tó dúró lóòró ló ń kọjá láàárín ìlà dídágẹ̀rẹ̀ yìí, òun ló ń di apá méjèèjì mú kí wọ́n má baà yà. Bí ìlà náà bá sán síbi tí kò sí ríìngì kankan tó kọjá nínú rẹ̀, bíìmù lè já lójijì, láìṣe pé ó kọ́kọ́ tẹ̀ kí ènìyàn rí i.

Síbẹ̀, kọnkéré kò ṣàìní agbára tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà kojú ṣíà. Apá tí kò tíì sán, níbi tí kọnkéré ti ń fún ara rẹ̀ pọ̀, ń gbé díẹ̀. Gíránáítì tó yọ jáde lójú ìlà náà ń fi ara há ara wọn, ìyẹn náà ń gbé díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni irin gbọọrọ tó sọdá ìlà náà, tó ń kọ̀ kí apá kan má lọ sísàlẹ̀ ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tí irin gbọọrọ fi wọ inú ìṣirò agbára kọnkéré. Bí irin yẹn bá kéré, ìlà á ya gan-an, gíránáítì ò ní ríra wọn há mọ́.

Ìwé òfin kọnkéré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa ṣì ń lò ni BS 8110. Fún kọnkéré tí agbára rẹ̀ jẹ́ núútìn 25 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin, ohun tó sọ nìyí:

```
vc = 0.79 × (100As/bd)^(1/3) × (400/d)^(1/4) / 1.25
```

vc ni ṣíà tí kọnkéré lè gbé lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. b ni fífẹ̀ bíìmù. d ni jíjìn rẹ̀ láti etí ibi tó ń fún pọ̀ títí dé àárín irin gbọọrọ tó ń fà. As ni ìwọ̀n ojú irin náà lápapọ̀.

Bíìmù tiwa fẹ̀ ní mìlímítà 225, ó ga ní 450, d rẹ̀ jẹ́ 400. Òpó mẹ́rin ló gbé e, mítà mẹ́rin sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Ibi tó ti ṣòro jù ni òpó kejì láti etí. Lórí òpó yẹn, òkè bíìmù ló ń fà, ìsàlẹ̀ ló ń fún pọ̀. Irin òkè la gbọ́dọ̀ kà, kì í ṣe ti ìsàlẹ̀. Irin 16 mẹ́rin ló wà lókè níbẹ̀, ìwọ̀n ojú wọn jẹ́ 804.

```
100As/bd = 100 × 804 / (225 × 400) = 0.893
vc = 0.79 × 0.963 × 1 / 1.25 = 0.61 N/mm²
Vc = 0.61 × 225 × 400 = 55 kN
```

Kilonúútìn 55 ni kọnkéré nìkan lè gbé. Kí ó lè yé yín dáadáa, nǹkan bí ogún àpò sìmẹ́ǹtì ló wúwo tó kilonúútìn 10. Nítorí náà, àpò bí 110 ni.

Ẹrù ńkọ́? Dẹ́kín, ògiri búlọ́ọ̀kù tó wà lókè, ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀ àti àwọn ènìyàn tí yóò máa gbébẹ̀: nígbà tí a fi ìdíwọ̀n ààbò tí òfin ní ká fi kún un, ó di kilonúútìn 60 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ní òpó kejì yìí, ṣíà jẹ́ 144 ní àárín òpó, ó sì jẹ́ 137 ní ojú òpó. Òfin gbà wá láyè láti ṣírò ríìngì ní ibi tó jìnnà sí ojú òpó tó d, ìyẹn 400 mìlímítà, nítorí ẹrù tó wà láàárín ibẹ̀ sí òpó ń gba inú kọnkéré lọ tààrà sínú òpó. Ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ẹrù tó tẹ́ kálẹ̀ báyìí o. Bí bíìmù mìíràn bá jókòó lé tiwa lórí nítòsí òpó, ẹ má ṣe lo àyè yẹn. Ní 400 mìlímítà, ṣíà jẹ́ kilonúútìn 113.

Kọnkéré gbé 55. Ó ku 58 fún ríìngì. Irin 8 tó rọ̀ ni ríìngì wa, ẹsẹ̀ méjì ló ní. 250 tó wà nínú ìṣirò yìí ni agbára irin náà, kì í ṣe àlàfo; 0.87 sì ni ìdíwọ̀n ààbò fún irin:

```
Ríìngì kan = 2 × 50.3 × 0.87 × 250 = 21.9 kN
58 / 21.9 = 2.65
400 / 2.65 = 151 mm
```

Ohun tí èyí ń sọ ni pé, láàárín 400 mìlímítà tí ìlà dídágẹ̀rẹ̀ yẹn gbà, ríìngì gbọ́dọ̀ ju méjì àti ààbọ̀ lọ. Àlàfo 150 ló bá a mu. Ẹ wá fi 250 ti áyánbẹ́ndà wa dán an wò: ríìngì 1.6 péré ló bọ́ sínú ìlà náà, wọ́n gbé 35. Ẹ fi 55 kún un, ó di 90, nígbà tí ohun tí a nílò jẹ́ 113. Kì í ṣe pé bíìmù náà yóò wó lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ pákó. Ìdíwọ̀n ààbò tí a fi kún ẹrù ló ń jẹ tán, títí di ọjọ́ tí ayálégbé bá kó ẹrù ńlá dé, tàbí tí ẹnìkan bá gbé táǹkì omi sókè.

Mo pe áyánbẹ́ndà wá, mo fi ìṣirò náà hàn án. Ó ní, "Ẹnjiníà, ṣé kí n tò ó ní 150 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni?" Rárá, kò pọn dandan. Ṣíà ń fi 60 dínkù lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Ríìngì tó wà ní 200, pẹ̀lú kọnkéré, lè gbé 98, ṣíà sì ti wálẹ̀ dé ibẹ̀ nígbà tí a bá fi nǹkan bí 650 mìlímítà jìnnà sí ojú òpó. A mú àlàfo 150 dé bíi mítà kan sí ojú òpó kí ọkàn wa balẹ̀, lẹ́yìn náà a bọ́ sí 200.

Ìbéèrè tí wọ́n tún máa ń bi mí ni pé, tó bá ti dé ibi tí ṣíà ti kéré sí 55, ṣé a ò lè yọ ríìngì kúrò? Ní tiwa, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 1.37 mítà sí ojú òpó. A ò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ìwé òfin náà ní kí ríìngì lè gbé ó kéré tán núútìn 0.4 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kilonúútìn 36 fún bíìmù wa. Èyí sọ àlàfo tó fẹ̀ jù di 243. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àlàfo kankan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin d lọ, ìyẹn 300. Ẹ rí i báyìí pé 250 kò tiẹ̀ bá àárín bíìmù mu dáadáa.

Nǹkan méjì ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́ níbi iṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni irin tí wọ́n ń pè ní 8 tí kì í ṣe 8. Bí ó bá jẹ́ 7 ló jẹ́ ní tòótọ́, ríìngì kan gbé 16.7 dípò 21.9. Kódà ní àlàfo 150, àpapọ̀ rẹ̀ di 99, kò tó 113. Ó rọrùn láti mọ̀: ẹ gbé ọ̀pá kan tó gùn ní mítà 12 sórí òṣùwọ̀n. Irin 8 gidi wúwo tó kílò 4.7. Bí ẹ bá rí 3.6, irin 7 lẹ gbà.

Èkejì ni irin òkè. Mo ti rí i tí wọ́n fi irin 12 méjì péré sókè lórí òpó, wọ́n ní ó kàn wà kí ríìngì lè rí nǹkan dì mú ni. Bíìmù náà kò ní lè gba títẹ̀ lórí òpó, ìyẹn nìkan ti tó láti kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi 226 sí ipò As nínú ìṣirò wa, ẹ ó rí i pé agbára kọnkéré já láti 55 sí 36. Irin gbọọrọ tí kò tó ti gba agbára ṣíà lọ́wọ́ kọnkéré láìṣe pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ríìngì.

Kí wọ́n tó da kọnkéré, ẹ mú téèpù. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí ojú òpó, kì í ṣe àárín òpó. Ríìngì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní 50. Lẹ́yìn náà: 200, 350, 500, 650, 800, 950. Méje ni, ní apá òsì òpó kejì àti apá ọ̀tún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ní òpó kẹta. Àwọn òpó tó wà létí ń gba ṣíà tó kéré, nítorí náà 200 tó wọn nínú bíìmù yìí, bí irin 16 mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ bá wọ inú òpó. Ẹ wo ẹnu ríìngì kọ̀ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ ká wọ inú, kó fi orí kọ́ irin gbọọrọ. Kí ẹ sì fi ọwọ́ mi irin náà. Bí ríìngì kan bá yọ̀ kúrò níbi tí ẹ wọ̀n ọ́n sí, ẹ jẹ́ kí áyánbẹ́ndà tún un so, nítorí àwọn tó ń da kọnkéré máa tẹ orí irin òkè kọjá, ibi òpó tí irin ti fún pọ̀ sì ni ríìngì ti máa ń kọ́kọ́ ṣí kúrò.