Wọ́n sanwó páálí 96, 60 ló wà nílẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún kọ́sítọ́mà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Fídíò òní wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba owó ọjà pé, tẹ́ ẹ bá wá dé sítọ́ọ̀, tẹ́ ẹ rí i pé ọjà ọ̀hún ò pé. Táìsì ni mo máa fi ṣàlàyé torí táìsì ló le jù nínú ẹ̀, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un báyìí. Ṣọ́ọ̀bù yín wà ní Orílé, l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìkọ́lé. Àlájì kan tó ń kọ́lé n'Íbàdàn pè yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọjọ́ 3 oṣù, ó sanwó páálí 96, táìsì ilẹ̀ 60 x 60, irú èyí tó jẹ́ pé mẹ́rin ló máa ń wà nínú páálí kan. Ká ní ₦10,000 ni páálí kan kí ìṣirò ẹ̀ má bàa dà wá láàmú, ₦960,000 nìyẹn, ó ti wọ àkáǹtì. Ẹ rán ọmọ ṣọ́ọ̀bù lọ sí sítọ́ọ̀ kó lọ kà á, ó padà dé, ó ní 60 ló wà nílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a máa kó 60 yẹn sọ́kọ̀, a ò ní sọ nǹkan kan, pé tó bá débẹ̀ tó bá pè, a máa ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n Àlájì ò sí ní sáìtì o. Bíríkìlà ló máa gba ẹrù, òun ló máa kà á lójú dírẹ́bà, òun ló sì máa gbé fóònù pe Àlájì pé, "Àlájì, 60 ni wọ́n kó wá o, 96 kọ́ lẹ sọ fún mi?" Kí Àlájì tó pè yín, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ó ti bínú, gbogbo àlàyé tẹ́ ẹ bá wá ṣe báyìí, àwáwí ni létí ẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ọkọ̀. Kẹ́ ẹ sì dúró gba èsì kí ọkọ̀ tó gbéra, torí Àlájì lè ní òun ò fẹ́ ká kó o wá lábọ̀, ká dúró kó pé. Owó ẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.

Kí lẹ wá máa sọ fún un? Ẹ má kàn sọ pé "60 ló wà, 36 kù." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ran Àlájì lọ́wọ́. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé èyí tó ń bọ̀ yìí, ibo ló máa tó? Ṣé iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ àbí àwọn tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ máa jókòó lásán? Ẹ bi í léèrè bó ṣe pín in. Ó ní pálọ̀, dáínìn àti kọ́rídọ̀ máa gba 56, yàrá mẹ́ta máa gba 12, 12, ìyẹn 36, ó wá fi 4 lé e fún èyí tó bá fọ́. 96 ti pé.

Àwọ̀ ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Táìsì tí kọ́ńpìnì ṣe lóṣù tó kọjá àti èyí tí wọ́n máa ṣe lóṣù yìí, orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà, ẹ̀yà kan náà, ó lè má jọra tán. Amọ̀ yẹn wọ inú iná tó lé ní ìwọ̀n 1,100 sẹ́ńtígíréèdì, kí nǹkan díẹ̀ yí nínú amọ̀ tàbí nínú iná báyìí, àwọ̀ á ṣú díẹ̀ tàbí kó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kódà ó lè fi ìwọ̀n bíńtín tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá mú ọ̀kọ̀ọ̀kan dání nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ lè má rí i. Ẹ tò ó pọ̀ nínú pálọ̀ kan náà, kí oòrùn wọlé láti wíńdò, ẹ máa rí ìlà ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. Àwọn tí wọ́n jọ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pè ní báàṣì kan, ṣéèdì sì ni bí àwọ̀ wọn ṣe ṣú tàbí mọ́lẹ̀ tó. Ara páálí ni wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà ṣéèdì àti báàṣì sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ máa wò.

[Àwòrán: ẹ̀gbẹ́ páálí méjì tó wà lórí ara wọn, nọ́ńbà ṣéèdì wọn yàtọ̀.]

Torí náà, ẹnu ilẹ̀kùn lẹ máa ti pín ọ́dà yìí. Gbogbo pálọ̀ títí dé kọ́rídọ̀ láti ara báàṣì tó wà nílẹ̀, yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ara báàṣì tuntun. Tí ilẹ̀kùn bá ti wà láàárín, ojú ò ní mú ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ wá wo 4 tí Àlájì fi lé e. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo 60 lọ, àwọn 4 yẹn máa jẹ́ ti ṣéèdì àtijọ́, tí táìsì bá wá fọ́ nínú yàrá, kí lẹ máa fi dí i? Èmi ò ní kó 60. 58 ni mo máa kó, 56 àti àfikún 2, màá wá sọ fún kọ́ńpìnì pé 38 ni mo fẹ́, 36 àti àfikún 2. 96 náà ló ṣì jẹ́. Páálí 2 tó kù lọ́wọ́ mi, ẹni tó fẹ́ ṣe ilé ìwẹ̀ kékeré máa rà á.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ wá kàn, ibi táwa ọlọ́jà ti máa ń puró láìmọ̀ pé irọ́ là ń pa. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" kì í ṣe ọjọ́ o. Ẹ pe ẹni tó ń bá yín ra ọjà ní kọ́ńpìnì, ẹ má bi í pé ìgbà wo ló máa dé, torí ó máa ní "láìpẹ́." Ẹ bi í pé ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ṣé ó ti jáde nínú iná, ṣé ó ti wọ ọkọ̀? Tó bá ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ò ní ọjọ́ kankan tẹ́ ẹ lè fún Àlájì, ẹ má dá ọjọ́ sílẹ̀ látinú orí yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fún un ni ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pè é, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín pátápátá, kò sí ọkọ̀ tó lè bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ tí màá tẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wasáàpù nìyí, màá tẹ̀ ẹ́ ni o, ohùn nìkan ò tó, torí ó máa fẹ́ fi han bíríkìlà:

"Àlájì, ẹ káàsán sà. Nínú páálí 96 tẹ́ ẹ sanwó ẹ̀ lónìí, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló wà nílẹ̀, ẹ má bínú sà. Mo lè kó 58 wá ní Wẹ́síidé, ọjọ́ 5, ó tó pálọ̀, dáínìn àti kọ́rídọ̀, 2 wà nínú ẹ̀ fún èyí tó bá fọ́. 38 ló kù, ti yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báàṣì tuntun ló máa jẹ́, àwọ̀ ẹ̀ lè fi díẹ̀ yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún wọn ní sáìtì kí wọ́n má lo 58 yìí nínú yàrá kankan. Kọ́ńpìnì ò tíì ṣe é tán, mi ò sì fẹ́ dá ọjọ́ tí mi ò mọ̀ fún yín. Mo máa pè yín ní Túsìdé, ọjọ́ 11, láti sọ ibi tó dé. ₦380,000 yín ló wà lọ́wọ́ mi fún 38 yẹn, bí ọjà bá tiẹ̀ gbówó lórí, mi ò ní gba kọ́bọ̀ sí i, èmi náà ni màá san owó ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba owó yẹn padà, tàbí kẹ́ ẹ fẹ́ ká dúró kó gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, ẹ sọ fún mi kí ọkọ̀ tó gbéra."

Ẹ rí i pé mo dárúkọ owó. Kò sẹ́ni tó sanwó ọjà pé ní Nàìjíríà tí kì í bẹ̀rù pé wọ́n máa padà wá ní "ó ti gbówó lórí o," ìbẹ̀rù yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa pariwo. Ti owó ọkọ̀ náà, ẹ̀yin lẹ gbowó kẹ́ ẹ tó ka ọjà, ẹ̀yin lẹ máa san án. Ẹ̀bi tiyín ni.

Tó bá fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tí dírẹ́bà máa mú dání: 96 ni ọ́dà, 58 ló ń lọ, 38 ló kù, àti nọ́ńbà ṣéèdì ti 58 yẹn. Ẹni tó bá gba ẹrù máa fọwọ́ sí i níbẹ̀, dírẹ́bà á yà á ní fóònù. Ẹ má kọ "ó ti pé" síbì kankan nínú ìwé yẹn.

Túsìdé, ọjọ́ 11, ó pé. Ẹ ti kọ́kọ́ pe kọ́ńpìnì láàárọ̀, wọ́n ní ó ti jáde nínú iná, Fúráídè ọjọ́ 14 ni wọ́n máa kó o sọ́kọ̀. Ẹ lè wá dá ọjọ́ báyìí. Ká ní Àjàòkúta ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ ka òpin ọ̀sẹ̀ mọ́ ìrìn, Mọ́ńdè ọjọ́ 17 ló máa wọ Èkó, Túsìdé lẹ máa tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ yọ èyí tó fọ́ kúrò, Wẹ́síidé ọjọ́ 19 ló lè wọ Ìbàdàn. Ẹ fi ọjọ́ méjì lé e torí ọ̀nà wa, ẹ wá sọ fún Àlájì pé láàárín Wẹ́síidé ọjọ́ 19 sí Fúráídè ọjọ́ 21. (Tó bá jẹ́ Ṣàgámù ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ má tiẹ̀ gbé e dé Èkó rárá, ojú ọ̀nà Ìbàdàn ni Ṣàgámù wà, kí ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ tààrà.)

Tí ọjọ́ bá fẹ́ yẹ̀ ńkọ́? Ẹ máa mọ̀ kó tó yẹ̀. Tó bá di Mọ́ńdè ọjọ́ 17 tí ọkọ̀ ò tíì kúrò ní kọ́ńpìnì, ó ti yẹ̀ nìyẹn, ẹ pe Àlájì lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de Fúráídè. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ fún un ní ọjọ́ míì, kẹ́ ẹ sì tún fi owó ẹ̀ lọ̀ ọ́. Tó bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, èmi ò ní dúró kó béèrè, màá ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ ránṣẹ́. Yàrá mẹ́ta nìkan ló kù, ilẹ̀kùn sì wà lẹ́nu ẹ̀, ó lè ra ẹ̀yà míì síbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì kí ilé ẹ̀ má sì bàjẹ́.

Nígbà tí 38 bá wá dé, ẹ ka nọ́ńbà ṣéèdì lára gbogbo páálí kó tó wọ ọkọ̀ Ìbàdàn, torí kọ́ńpìnì náà lè kó báàṣì méjì pọ̀ kí ọ́dà lè pé. Tẹ́ ẹ bá rí méjì, ẹ tò ó ní yàrá yàrá, ẹ kọ "yàrá kìíní" sára páálí pẹ̀lú máákà kí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ má bàa dà á pọ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn jáde, ẹ kọ ọ́ sí i pé 38 ti lọ, kò ku nǹkan kan, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.