Ta Ni «Wọ́n»? Olùṣe Tó Sá Pamọ́ Nínú Ìròyìn Ìjàǹbá

Okun o, ẹ̀yin ará wa ní Kabba, Mopa, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Lọ́rì kan gúnlẹ̀ sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nítòsí gáréèjì, akọ̀wé sì kọ ìròyìn báyìí: «Wọ́n yọ òkúta tó wà lẹ́yìn táyà. Ọkọ̀ náà yí sẹ́yìn. Wọ́n ba búkà oníyán jẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ kan sì kán.»

Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kò sí ẹnì kan pàtó níbẹ̀ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ àbọ̀, ìyẹn ohun tí a ṣe nǹkan sí, di olúwa gbólóhùn, á sì yọ olùṣe kúrò. Yorùbá kò ní irú ìhun yẹn gan-an. «Wọ́n» àti «a» ni a fi ń ṣe é. Nígbà tí akọ̀wé bá wá sọ ìròyìn náà di Gẹ̀ẹ́sì fún ọlọ́pàá, «wọ́n» pàápàá á pòórá, òkúta nìkan ni yóò kù.

Gbólóhùn kejì ló tilẹ̀ jinlẹ̀ jù. «Ọkọ̀ yí», «bíréèkì já», «táyà bẹ́»: kò sí «wọ́n» níbẹ̀, gírámà rẹ̀ sì dá ṣáká, àmọ́ ńṣe ló dà bí ẹni pé irin ló pinnu fúnra rẹ̀.

Ẹ bi ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan pé: ta ni? Ká ní ìdáhùn rẹ̀ nìyí: «Awakọ̀ ní kí kọ́ńdọ́ yọ òkúta. Kọ́ńdọ́ yọ ọ́. Awakọ̀ kò tíì fa bíréèkì ọwọ́.» Ẹni tó pàṣẹ, ẹni tó ṣe é àti ohun tí a kò ṣe ti wá hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dídárúkọ olùṣe kì í ṣe ìdájọ́ o. Kọ́ńdọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kan òkúta lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ kéré jù, ìròyìn oní-«wọ́n» ló sì máa ń jẹ́ kí ariwo ọjà di gbogbo rẹ̀ rù ú.

Ìgbà kan wà tí «wọ́n» tọ́. «Wọ́n gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn ní agogo 4 kọjá ìṣẹ́jú 10.» Ọmọ àti àkókò ni a ń wá níbẹ̀, ẹni tó gbé e kò yí ohun tó fa ìjàǹbá padà. Bí a kò bá sì mọ olùṣe ńkọ́? Ká ní òru ni òkúta náà kúrò níbẹ̀. «Wọ́n yọ ọ́» nìkan kò tó, nítorí òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá akọ̀wé kò mọ̀ ni àbí kò fẹ́ sọ. Kí ó kọ ọ́ pé: «A kò tíì mọ ẹni tó yọ ọ́. Ìyá oníbúkà rí i níbẹ̀ ní agogo 10 alẹ́. Nígbà tí ó padà dé ní agogo 6 àárọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́.»