Ohun tí a kà àti ohun tí a rò pé ó fà á: èsì àti ìjíròrò nínú ìwádìí ìbejì Igbó-Ọrà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ ni pé: kí ló yẹ kó wà ní orí kẹrin iṣẹ́ ìwádìí, níbi tí a ti ń kọ èsì, kí ló sì yẹ kó dúró de orí karùn-ún, níbi tí a ti ń jíròrò lórí èsì náà? Igbó-Ọrà ni mo fẹ́ gbà wọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò tíì gbọ́ pé ìlú ìbejì ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ pé ọbẹ̀ ìlasa ló ń fà á. A máa ń sọ méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n fi dúró kò dọ́gba rárá.

Ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́ le. Dókítà Patrick Nylander, onímọ̀ nípa ìbímọ tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ka ìbímọ ní Igbó-Ọrà láàárín 1972 sí 1982. Ìbejì 45 sí 50 ló rí nínú ìbímọ 1,000, nígbà tí iye náà kì í sábà ju nǹkan bí 10 sí 12 lọ ní Yúróòpù lásìkò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ já a ní koro, ìwé ìbímọ ni yóò lọ ṣí, yóò tún un kà. Èsì nìyẹn. Ti ìlasa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tún ìwé ìbímọ kà títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò ní bá ìlasa níbẹ̀. Àlàyé ni, ẹ̀bi kò sì sí nínú kí ènìyàn ṣe àlàyé, kìkì pé orí karùn-ún ni àyè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lọ ka ìwé ìbímọ ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè náà. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo tò ó kí ìṣirò lè rọ̀ wá lọ́rùn. Kì í ṣe ti ìwádìí ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ka ìbímọ 2,000. Nínú wọn, 90 jẹ́ ìbejì. Nínú 90 yẹn, 41 jẹ́ akọ kan abo kan. 49 tó kù, yálà akọ méjì tàbí abo méjì. Ó wá kọ ọ́ sí orí kẹrin pé: «Èsì fi hàn pé ìbejì pọ̀ lọ́nà ìyanu ní ìlú yìí nítorí oúnjẹ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń jẹ.»

Ẹ wo ohun tó ti wọlé sínú gbólóhùn kan ṣoṣo. «Lọ́nà ìyanu» jẹ́ ohun tó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ náà, kò sí nínú ìwé ìbímọ. «Nítorí oúnjẹ» jẹ́ ìdí, kò sì tíì béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó ń ka ìwé yẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ alábòójútó kì í rí ni «ní ìlú yìí». Kì í ṣe ìlú ló kà, ìwé ilé ìwòsàn kan ló kà. Bí a bá tún un kọ, ohun tí yóò kù nìyí: «Nínú ìbímọ 2,000 tó wà nínú ìwé ilé ìwòsàn náà, 90 jẹ́ ìbejì, ìyẹn 45 nínú 1,000.» Ẹlòmíràn á ní gbólóhùn yìí gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbà pé oúnjẹ ló fà á lè lò ó, ẹni tó gbà náà lè lò ó. Bó ṣe yẹ kí èsì rí nìyẹn.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ohun tó bá ní ọpọlọ nínú ló gbọ́dọ̀ kúrò lórí kẹrin. Ìṣirò ń bẹ níbẹ̀, ìfiwéra sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò kan tó wúlò gan-an nínú ọ̀rọ̀ ìbejì. Ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde kì í jẹ́ akọ kan abo kan. Àwọn tó wá láti inú ẹyin méjì, oníkálukú wọn ló ń jẹ́ akọ tàbí abo tirẹ̀, nítorí náà, bí ìdajì wọn ṣe máa ń jẹ́ akọ kan abo kan náà ni ìdajì yòókù máa ń jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì. Wilhelm Weinberg, dókítà ará Jámánì, ló lo èyí ní 1901: ka àwọn akọ-àti-abo, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, o ti rí iye ìbejì ẹyin méjì. Nínú àpẹẹrẹ wa, 41 lọ́nà méjì jẹ́ 82. Ó ku 8 fún ìbejì ẹyin kan. Tí a bá pín in fún ìbímọ 2,000, ó jẹ́ 41 nínú 1,000 fún ẹyin méjì, àti 4 nínú 1,000 fún ẹyin kan.

Orí kẹrin ni iye méjèèjì yìí yẹ kó wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kò fojú rí ẹyin kankan. Ó ti sọ ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ ní orí kẹta, ẹnikẹ́ni tó bá sì mú 90 àti 41 yóò dé ibi kan náà. Kó ṣáà kọ «a fojú bù ú pé» níwájú rẹ̀, torí àbá kan wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé akọ àti abo ní àǹfààní kan náà láti wáyé.

Ìtumọ̀ ìṣirò yìí ló wá jẹ́ ti orí karùn-ún, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ìbejì ẹyin kan kì í ju nǹkan bí 4 nínú 1,000 lọ ní ibi púpọ̀ láyé, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn. Tiwa náà jẹ́ 4. Nítorí náà, gbogbo àlékún tí a rí, ọ̀dọ̀ ẹyin méjì ló ti wá. Ìbéèrè tó yẹ kí orí karùn-ún gbé dìde ti yí padà: kí ló ń mú kí obìnrin tú ẹyin méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Họ́mọ́ọ̀nù kan wà tí wọ́n ń pè ní FSH, òun ló ń mú kí ẹyin gbó nínú ara obìnrin. Nylander àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wọn ọ́n, wọ́n sì rí i pé ó ga lára àwọn ìyá tó ti bí ìbejì. Ẹ wo bí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe lè lò ó: «Ó bá èrò náà mu pé FSH tó ga ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí yìí kò wọn họ́mọ́ọ̀nù.» Ó sọ ohun tó rò, ó sọ ẹni tó rí ẹ̀rí, ó sì sọ ibi tí iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí.

Ká wá padà sórí ìlasa. Akẹ́kọ̀ọ́ wa bi ìyá ìbejì 40 àti ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan 40 bóyá wọ́n ń jẹ ìlasa ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nínú àwọn ìyá ìbejì, 34 ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn yòókù, 31. Ó ṣe ìdánwò káì-sìkúwíà, ó rí p = 0.39.

Ibí yìí ni mo ti ń rí àṣìṣe méjì tó dojú kọ ara wọn. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé ìlasa ń fa ìbejì, torí 34 ju 31 lọ. Ẹnì kejì, tó gbọ́ pé p gbọ́dọ̀ kéré sí 0.05, á kọ ọ́ pé ìwádìí ti fi hàn pé ìlasa kò ní ipa kankan. Àwọn méjèèjì ti fo ògiri láti orí kẹrin bọ́ sí orí karùn-ún láìmọ̀. Ohun tó yẹ ní orí kẹrin ni pé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìyá ìbejì ló ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdá 77.5 nínú àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ jẹ́ 7.5, ààlà ìdánilójú ìdá 95 sì lọ láti −9.5 dé 24.5. Nígbà tó bá di orí karùn-ún, kó wá sọ ohun tí ààlà gbòòrò yẹn túmọ̀ sí: ìyá 80 kéré jù láti fi dá ẹjọ́ yìí. Ìyàtọ̀ ńlá lè wà tí a kò rí, ó sì lè má sí rárá. Kó tún fi kún un pé ìyá tó ti bí ìbejì, tó ń gbọ́ láti kékeré pé ìlasa ló fà á, lè rántí ìlasa ju bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ. Ìyẹn kò sí nínú tábìlì, ẹni tó mọ ìlú ló lè rò ó.

Orí karùn-ún náà ni àyè ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí mo fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Oyún ìbejì máa ń wúwo, ó sì léwu ju oyún ọmọ kan lọ, nítorí náà àwọn agbẹ̀bí ìgboro sábà máa ń ní kí aláboyún bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́mọ kan ń bí sílé. Iye 45 nínú ìwé ilé ìwòsàn lè tipa bẹ́ẹ̀ ju ti ìlú lọ. Mo máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: iye wo lo máa rí bí o bá ka ilé dé ilé?

Nǹkan kan tún wà tó máa ń bí mi nínú díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dé àárín ìjíròrò, á kàn kọ ọ́ pé púpọ̀ nínú àwọn ìyá ìbejì náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. A ò rí ọjọ́ orí kankan ní orí kẹrin. Ọjọ́ orí ṣe pàtàkì, torí ìbejì ẹyin méjì ń pọ̀ sí i bí ìyá ṣe ń dàgbà dé nǹkan bí ọdún márùndínlógójì, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò ní iye tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó padà sẹ́yìn, kí ó fi tábìlì ọjọ́ orí ẹgbẹ́ ìyá méjèèjì síbẹ̀, kí ó tó wá jíròrò rẹ̀.

Nígbà tí mo parí, arábìnrin kan dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, jọ́nà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí ní kí n pa èsì àti ìjíròrò pọ̀ sábẹ́ àkọlé kan. Ṣé gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí kò kàn mí ni?» Mo ní ó kàn án ju àwọn yòókù lọ, torí kò sí àkọlé tí yóò bá a pín in. Kí ó máa fi gbólóhùn iye bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìtumọ̀ tẹ̀ lé e, kí ó sì fi «ó ṣeé ṣe» tàbí «ó jọ pé» sàmì sí ibi tí ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó wá mú pẹ́ńsù, kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò nínú ìwé ìbímọ. Bí ó bá rí gbólóhùn tí ìdajì rẹ̀ ní ìlà tí ìdajì kò ní, kí ó gé e sí méjì.